Ìràwọ̀ Kan, Ìràwọ̀ Márùn-ún: Kí Ni Ẹni Tó Kọ Ọ́ Fojú Rí?

Bí katarákìtì bá mú òbí ẹni lóde òní, fóònù ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbé. Á wá ilé ìwòsàn ojú tó sún mọ́ wọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn tó ti débẹ̀ rí kọ. Kì í pẹ́ tí orí rẹ̀ á fi dàrú. Ẹnì kan ní Ọlọ́run ló rán dókítà ibẹ̀ sáyé. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọ̀tá rẹ̀ pàápàá lọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn kan náà ni, dókítà kan náà, nígbà mìíràn inú oṣù kan náà.

Irọ́ kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń pa. Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n pò pọ̀. Ọ̀kan jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe gba èèyàn lálejò: ìjókòó pípẹ́, owó, ẹnu nọ́ọ̀sì, ìmọ́tótó, fáìlì tó sọnù. Lórí èyí, kò sí ẹlẹ́rìí tó ju aláìsàn lọ, nítorí òun ló ṣojú rẹ̀. Èkejì jẹ mọ́ ohun tí ìtọ́jú ṣe sí ara: ojú là tàbí kò là, ó bàjẹ́, ta ló sì bà á jẹ́. Níbí, aláìsàn mọ ohun tó ń rí àti ohun tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ohun tó fà á wà lẹ́yìn ẹyinjú, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wò. Ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé ìwòsàn kò sì mọ ìyàtọ̀. Ó máa ń ro ariwo nọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ojú tó fọ́, á wá pín in, á ní mẹ́ta àti díẹ̀.

Katarákìtì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wọ́pọ̀, àbájáde rẹ̀ sì ṣe é wọ̀n. Dígí kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, dígí yìí á máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí á fi di funfun. Dókítà á la ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀, á yọ èyí tó ti ṣú kúrò, á sì fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀ sínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó di dígí àkọ́kọ́ mú tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti wọn ojú náà ṣáájú kí wọ́n tó mọ agbára lẹ́ǹsì tó yẹ ẹ́, nítorí pé ojú kò gùn bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ márùn-ún tí àwọn èèyàn lè kọ nípa ilé ìwòsàn kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo to wọn, n kò dà wọ́n kọ láti ibì kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ka irú rẹ̀ á mọ̀ wọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ fún wọn ní ìràwọ̀ kan: “Aago méje àárọ̀ la dé, aago kan ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Wọ́n kàn ń kán omi sí màmá lójú ni. Obìnrin ibi káàdì yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.”

Ẹnì kejì fún wọn ní márùn-ún: “Kò sí wàhálà rárá. A dé, wọ́n gba owó, wọn ò yọ wá lẹ́nu pẹ̀lú àyẹ̀wò, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe é. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí ojú, màmá mi dá mi mọ̀! Ẹ̀yin dókítà yìí, ẹ ò ní ráburú.”

Ẹnì kẹta, ìràwọ̀ kan: “Wọ́n ba ojú bàbá mi jẹ́. Ọdún kan ààbọ̀ péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú tún ti ń ṣú. Katarákìtì náà ti padà.”

Ẹnì kẹrin, kan náà: “Olè ni wọ́n. A sanwó, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, bàbá ò rí nǹkan kan títí di òní.”

Ẹnì karùn-ún fún wọn ní mẹ́ta, kò sì pariwo: “Dókítà náà mọ iṣẹ́. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ Sátidé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ro màmá, ó sì pọ́n. A pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, kò sẹ́ni tó gbé e. Mọ́ńdè ni wọ́n tó rí wa.”

Bí a bá ní ká fi ìràwọ̀ nìkan yan nínú wọn, ẹnì kejì la máa gbà gbọ́, a ó sì fò ẹnì karùn-ún kọjá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnì karùn-ún ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjókòó kúrò nílẹ̀. Ìjókòó wákàtí mẹ́fà kò dára, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ sí arúgbó bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kò yẹ níbi káàdì. Ẹ̀dùn ọkàn tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n “omi” tí wọ́n ń kán sí màmá lójú yẹn, oògùn tó ń la ọmọlójú sílẹ̀ ni, kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ojú. Ó máa ń gba bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń tún un kán nígbà míì. Apá kan ìjókòó náà, ìtọ́jú ni, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún wọn ni. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí lè kọ́ wa kò ju pé kí a mú oúnjẹ dání, kí a sì má ṣe fi ọjọ́ náà sí ohun mìíràn. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ọwọ́ dókítà.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ló léwu. Ẹ tún un kà. Ìyìn ni, àmọ́ ohun tó ń yìn ni pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé wọn kò wọn ojú kí wọ́n tó yan lẹ́ǹsì. Ẹni tí wọ́n bá fi lẹ́ǹsì tí kò bá ojú rẹ̀ mu sí lójú á ríran lọ́jọ́ kejì ju ti àná lọ dájúdájú, nítorí pé wọ́n ti ká aṣọ funfun kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé awò tó nípọn ni yóò máa lò títí ayé kó tó lè ka nǹkan tàbí kó mọ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà kíákíá tí ẹni tó kọ̀wé kò fi mọ̀. A kò lè mọ̀ láti orí ìwé. Ìbéèrè tí a ó bi ilé ìwòsàn náà lórí fóònù ló kù: ǹjẹ́ ẹ máa ń wọn ojú kí ẹ tó yan lẹ́ǹsì fún olúkúlùkù?

Ti “ọjọ́ kejì” náà tún ń kọ́? Ọjọ́ kejì ti yá jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iwájú ojú lè wú díẹ̀, ìríran á sì rú fún ọjọ́ mélòó kan lójú tí wọ́n ṣe dáadáa. Lójú tí wọ́n kò ṣe dáadáa ẹ̀wẹ̀, ìṣòro lè má tíì yọjú rárá. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ojú tó fara balẹ̀, kí wọ́n tó lè sọ awò tó bá a mu. Bí a bá rí ẹni tó kọ pé “ó di oṣù mẹ́ta báyìí, màmá ń ka Bíbélì,” ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ti ẹni mẹ́wàá tó kọ̀wé láti orí bẹ́ẹ̀dì.

A ní ẹ̀rí burúkú kan nílẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ kíkọ ìyìn ní kùtùkùtù yìí. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn kan ti ń kiri láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tàbí irin ṣóńṣó ti dígí tó ṣú náà wọ inú ẹyinjú lọ́hùn-ún. Wọn kì í yọ ọ́ jáde, wọn kì í sì fi lẹ́ǹsì rọ́pò rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni aláìsàn á rí ìmọ́lẹ̀, á rí ìka ọwọ́, á bú sẹ́kún ayọ̀, á sanwó, gbogbo àdúgbò á jẹ́rìí sí i. Oníṣègùn náà á gba ìlú mìíràn lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ro, tí ìfúnpá inú rẹ̀ á máa ga tàbí tí ìdọ̀tí á wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 lórí àwọn tó ti pé ogójì ọdún, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí katarákìtì, ó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó jẹ́ pé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tì í. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ojú tí wọ́n tì bẹ́ẹ̀ ló ti fọ́. Ká ní wọ́n ní kí àwọn èèyàn yẹn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ìràwọ̀ márùn-ún ni wọn ìbá fún wọn, tọkàntọkàn.

Ó yá, ẹnì kẹta, tó ní katarákìtì bàbá òun ti padà. Katarákìtì tí wọ́n ti yọ kì í padà, kò síbi tó máa padà sí. Ṣùgbọ́n kì í purọ́: ojú bàbá rẹ̀ ti ṣú lóòótọ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi lẹ́ǹsì sí nínú yẹn, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, lè di ṣíṣú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, nítorí pé àwọn ohun ara tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ń hù bò ó. Ó wọ́pọ̀ gan-an, àní lọ́wọ́ dókítà tó dáńgájíá jù. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba abẹ: aláìsàn á jókòó sídìí ẹ̀rọ lésà kan, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la ihò sáàárín awọ náà, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti parí.

Báwo la ṣe lè mọ̀ láti inú ìwé pé èyí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe tò. Ojú là lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Bí ó bá rí báyìí, ó jọ ọ̀rọ̀ awọ. Bí ẹni náà bá ní ojú ń ro, tàbí pé ọ̀sán kan òru kan ni ìríran lọ, nǹkan mìíràn ni. Mo sì fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ẹni yìí rò pé iṣẹ́ abẹ lòun ń fẹ̀sùn kàn, bẹ́ẹ̀ ohun tó tú fó nípa ilé ìwòsàn náà ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ti bàbá rẹ̀ kó sọ fún un pé, “Bàbá, bí ó bá tún ń ṣú lọ́jọ́ iwájú, ẹ tètè padà wá, iṣẹ́ kékeré ni.” Ẹ̀sùn ìtọ́jú ló kọ, àìṣàlàyé ló wà nídìí rẹ̀. Bí a bá rí ẹni méjì mẹ́ta tó kọ irú èyí, kí a gbà pé dókítà ibẹ̀ lè mọ abẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í báni sọ̀rọ̀.

Ẹnì kẹrin ló ṣòro jù láti dájọ́ fún. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, bàbá kò ríran. Ó lè jẹ́ àṣìṣe dókítà. Ó sì lè jẹ́ gùlókómà, àrùn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, tó ń jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ, kì í sì í dùn èèyàn títí á fi pẹ́. Ohun tó bá ti jẹ lára iṣan yẹn, kò sí abẹ tó lè dá a padà. Katarákìtì àti gùlókómà lè jọ wà lójú kan náà. Ìtọ̀ ṣúgà náà lè ti ba ẹ̀yìn ojú jẹ́. Bí wọ́n bá yọ katarákìtì irú ojú bẹ́ẹ̀, ìdènà iwájú nìkan ni wọ́n mú kúrò.

Àmọ́ ẹ má ṣe tìtorí èyí dá ilé ìwòsàn láre ní kíákíá. Dókítà ní ohun tó lè ṣe kó tó mú abẹ. Ó lè wọn ìfúnpá ojú. Ó lè tan iná sí ojú kan àti èkejì, kó wo bí ọmọlójú ṣe ń sún kì. Ó lè bi aláìsàn pé ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, lókè ni àbí nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àbí lápá òsì. Ẹni tí katarákìtì nìkan ń yọ lẹ́nu á mọ̀ ọ́n, kódà bí kò bá rí nǹkan mìíràn. Bí dígí bá ti funfun tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ojú kò ṣe é wò, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fi ìró yàwòrán inú ojú, bíi tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó yẹ kó lè sọ fún ìdílé náà ṣáájú pé ìríran á là díẹ̀ ni, tàbí pé kò dájú rárá. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n sọ fún wọn ṣáájú. “Wọ́n ní á ríran dáadáa” yàtọ̀ pátápátá sí “wọ́n kìlọ̀ fún wa, àmọ́ a ní kí wọ́n gbìyànjú.” Ẹni tí inú ń bí kì í sábà kọ gbólóhùn kejì yẹn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló lè yí gbogbo ẹjọ́ padà. Ohun kan sì tún wà: ilé ìwòsàn tí wọ́n ń darí ojú tó ṣòro sí, bíi ti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ńlá, á ní irú ẹ̀sùn yìí ju ilé ìwòsàn kékeré tó ń yan èyí tó rọrùn lọ.

A ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì karùn-ún. Kò fẹ̀sùn kan dókítà. Ó tiẹ̀ yìn ín. Nọ́ńbà fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé ló ń sọ, ẹni tó bá sì ka ìwé náà wéréwéré á kà á mọ́ ìjókòó pípẹ́ àti ẹnu nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ojú tó ń ro, tó pọ́n, tí ìríran rẹ̀ ń dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹyinjú. Kò wọ́pọ̀, níbi tí iṣẹ́ bá ti mọ́, ó lè má ju ojú kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, wákàtí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́, nítorí pé inú ojú gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ gún oògùn sí. Láti Sátidé sí Mọ́ńdè ti tó kí ojú náà lọ. Orí yọ màmá yẹn bóyá nítorí pé ohun tó ń ṣe é kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tún máa bọ́ sí irú òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́?

Bí a bá wá rí i pé ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ nípa ojú pípọ́n àti ìrora, tí gbogbo wọn sì ṣiṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, èyí kúrò ní ẹ̀dùn ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé omi tí wọ́n fi ṣan ojú, tàbí irinṣẹ́ tí wọn kò sè dáadáa, ló ràn wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé ṣe pàtàkì níbí. Ìyìn náà ní ọjọ́ tirẹ̀: bí ogún ènìyàn bá fún ilé ìwòsàn kan ní ìràwọ̀ márùn-ún láàárín ọjọ́ méjì, tí wọn kò sì dárúkọ àìsàn kan tàbí ìtọ́jú kan, ẹ fura.

Ẹ tún máa ka èsì tí ilé ìwòsàn bá fún ẹni tó ń bínú. Mo ti rí irú èyí tó kọ ọ́ síta gbangba pé ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe aláìsàn náà, pé kò lo oògùn rẹ̀, pé owó kù lọ́rùn rẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní Nàìjíríà dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Àlàyé wọn lè jóòótọ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn wá ohun tí wọ́n á fi fáìlì tiwa ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tí ìwé kò lè dáhùn láé ni ẹni tó di abẹ́ mú. Gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun nílé awò ni àwọn èèyàn ń pè ní dókítà ojú. Ẹni tó ń yẹ ojú wò tó sì ń yan awò fúnni kì í ṣe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó máa la ojú gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà tí MDCN mọ̀, tó sì tún kọ́ iṣẹ́ ojú lé e lórí. Ní Èkó, HEFAMAA ló ń fún ilé ìwòsàn níwèé àṣẹ. Ẹ lè béèrè, kì í ṣe àfojúdi.

Nígbà tí ẹ bá ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ẹ pe ilé ìwòsàn náà, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: nínú ojú katarákìtì tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá, mélòó ló rí 6/18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Pátákó lẹ́tà tó wà lára ògiri ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. 6/18 túmọ̀ sí pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá lè rí láti mítà méjìdínlógún, mítà mẹ́fà ni ojú yìí ti ń rí i. Ẹni tó bá rí tó bẹ́ẹ̀ lè máa bójú tó ara rẹ̀ nílé àti lọ́jà. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1998 ni pé ó yẹ kí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún débẹ̀ pẹ̀lú awò tí wọ́n ń lò, kí àwọn tí kò lè rí 6/60 má sì ju márùn-ún lọ. Ilé ìwòsàn tó bá dáhùn pé “gbogbo wọn ló ríran” kò kọ nǹkan sílẹ̀. Èyí tó bá ní “bí ọgọ́rin ó lé díẹ̀” ti ń ka tirẹ̀.

Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló padà wá kí wọ́n tó kà wọ́n. Àwọn tó ti ríran kì í rídìí tí wọ́n á fi náwó ọkọ̀ padà wá, àwọn tí kò ríran ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Bí wọ́n bá ṣe ọgọ́rùn-ún ojú, tí ọgbọ̀n péré padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kà yẹn, ojú mẹ́rìnlélógún ni. Àádọ́rin yòókù, àwọn gan-an kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí.